Mọ́tọ̀ sẹ́fò lára Arduino: bí a ṣe ń fún un ní iná tí bọ́ọ̀dù kò fi ní máa kú kó tún máa jí

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ó fi dáhùn àwọn ìbéèrè yìí: àpótí oúnjẹ adìẹ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, tó sì ń pa dé, fúnra rẹ̀. Arduino Uno ló ń darí rẹ̀. Sẹ́fò MG996R, èyí tí jíà inú rẹ̀ jẹ́ irin, ló ń fa ilẹ̀kùn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀ fún SG90, sẹ́fò kékeré aláwọ̀ búlúù tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ṣẹ́, a ó sọ ọ́.

Wáyà mẹ́ta ló jáde lára sẹ́fò. Èwo ló ń lọ síbo?

Wáyà pupa tó wà láàárín ni ojú iná, ìyẹn pọ́sítíìfù. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tàbí dúdú lára àwọn sẹ́fò mìíràn, ni nẹ́gátíìfù, òun ló ń lọ sí GND. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn lára SG90 àti MG996R, tó sì lè jẹ́ funfun tàbí yẹ́lò lára ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, ni wáyà àṣẹ. Ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ 9 lára Uno.

Ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ iṣẹ́ wọn yé yín dáadáa, torí òun ni gbogbo ohun tó kù dá lé. Wáyà àṣẹ kì í gbé iná tó lè yí mọ́tọ̀. Ìró iná kúkurú ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo mílísẹ́kọ́ńdì 20. Bí ìró náà bá gùn tó mílísẹ́kọ́ńdì 1.5, sẹ́fò á dúró sí àárín. Bí ó bá kúrú sí i, á lọ sí apá kan. Bí ó bá gùn sí i, á lọ sí apá kejì. Iṣẹ́ yẹn kò ju agbára ẹsẹ̀ kan lára Uno lọ. Wáyà pupa àti èyí tó ń lọ sí GND ló ń gbé ẹrù, àwọn ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀.

Mo so wáyà pupa mọ́ 5V lára Uno, sẹ́fò sì ń yí dáadáa. Kí ló dé tí bọ́ọ̀dù fi ń kú tó ń jí ní kété tí mo gbé ilẹ̀kùn lé e?

Nítorí pé sẹ́fò tí kò gbé nǹkan kan àti sẹ́fò tó gbé ẹrù kì í jẹ iná bákan náà. SG90 tó dúró jẹ́ẹ́ kì í jẹ ju nǹkan bíi mílíámípù 10 lọ. Tó bá ń yí lófìfo, ó lè jẹ 100 sí 250. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá dá a dúró pátápátá, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700. Ti MG996R ga ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ bá fún un ní fólítì 6, tí ohun kan sì dá a dúró, ó lè fa ámípù 2.5.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí ni pé gbogbo ìgbà tí sẹ́fò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti ojú kan ló ń fa irú iná ńlá yìí fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, ìbáà má gbé ẹrù rárá. Mọ́tọ̀ tí kò tíì yí kò ní ohun tó ń ta ko iná nínú rẹ̀ ju wáyà tí wọ́n wé sí i lára lọ. Ìgbà tó bá ń yí ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣe fólítì tó ń ti iná padà, tí ohun tó ń jẹ sì ń dín kù.

Ẹ wá wo ibi tí iná náà ń gbà wọlé. Bí Uno bá wà lára kọ̀ǹpútà, ẹnu USB ló ń gba iná, fíúsì kan sì wà lẹ́bàá ẹnu náà tí wọ́n ṣe fún mílíámípù 500. Ó máa ń gbóná bí iná bá ti pọ̀ jù, yóò sì dí ọ̀nà títí ara rẹ̀ yóò fi tutù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu roboto tó wà fún ádáptà fólítì 9 lẹ ń lò, rẹgulétọ̀ orí bọ́ọ̀dù ni yóò sọ 9 di 5, tí yóò sì fi fólítì 4 tó kù ṣe ooru. Bí sẹ́fò bá fa mílíámípù 500 lára rẹ̀, ooru náà jẹ́ wáàtì 2, èyí sì pọ̀ jù fún nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ tí kò ní irin tó ń tutù ú.

Nígbà tí sẹ́fò bá fa ju ohun tí ọ̀nà náà lè gbé lọ, fólítì ìlà 5V á já wálẹ̀. Orí ìlà yẹn gan-an ni ATmega328P, ọpọlọ Uno, ti ń jẹun. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń wo fólítì. Bó bá ti bọ́ sí nǹkan bíi 2.7, á dá ohun gbogbo dúró, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí `setup()`. Ohun tí ẹ ń rí nìyẹn.

Èyí tó tún burú jù ni kí fólítì bọ́ sísàlẹ̀ nǹkan bíi 3.8 láìdé 2.7. Ẹ̀ṣọ́ kò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n fún yíyára mẹ́gáhátìsì 16 tí Uno ń lò, àwọn tó ṣe ọpọlọ yìí kò fọwọ́ sọ̀yà pé yóò ṣiṣẹ́ tọ́ bí fólítì bá dín sí iye yẹn. Bọ́ọ̀dù kò kú, ṣùgbọ́n nǹkan tó ń kọ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà á máa ní àmì tí kò nítumọ̀, tàbí sẹ́ńsọ̀ á máa fún yín ní iye tí kò bára mu. Èèyàn lè máa wá àṣìṣe nínú kóòdù fún ọjọ́ pípẹ́ nítorí irú èyí.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé iná ló fà á, kì í ṣe kóòdù mi?

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sínú `setup()` tí yóò jáde lójú Serial Monitor, bí irú `BERE` tó wà nínú kóòdù ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí ẹ rí i. Bí ó bá ń jáde léraléra, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí sẹ́fò bá fẹ́ yí ló ń jáde, bọ́ọ̀dù ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà pupa sẹ́fò nìkan. Ẹ fi wáyà àṣẹ àti kóòdù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí `BERE` kò bá jáde léraléra mọ́, iná ni. Bí ó bá ṣì ń jáde láìsí sẹ́fò nídìí rẹ̀, ẹ padà sínú kóòdù. Àyẹ̀wò yìí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo sì gbà pé kò sí èyí tó dára tó o.

Àmì mìíràn wà: iná kékeré tí wọ́n kọ L sí lára Uno á ṣẹ́jú kíákíá nígbà tí bọ́ọ̀dù bá ń jí. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ń sọ pé òun kò rí pọ́ọ̀tì mọ́ lójijì, tó sì tún rí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, fólítì ti já débi pé ẹ̀yà tó ń bá USB sọ̀rọ̀ pàápàá ti kú.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mítà nìkan. Ìjákulẹ̀ náà lè má ju mílísẹ́kọ́ńdì mélòó kan lọ, nígbà tí mítà lásán ń ka fólítì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò kọ 4.9 fún yín pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, bọ́ọ̀dù yóò sì máa kú lọ.

Iná wo ni kí n wá fún sẹ́fò?

Èyí tó lè fún un ní fólítì 5 sí 6, tó sì lè gbé ámípù tó ń fa nígbà tó bá nira jù lọ fún un. Fún MG996R kan, ẹ wá fólítì 5 tó lè gbé ámípù 3. Fún SG90 kan, ámípù 1 ti tó. Bí sẹ́fò bá jẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lè yí pa pọ̀, ẹ ṣírò ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣájà fóònù tó dára tó ní ámípù 2 sí 3 lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tó ní ẹnu USB fẹ̀ǹfẹ̀ tàtijọ́ ni kí ẹ mú, torí ó ń fún èèyàn ní fólítì 5 láìbéèrè. Ẹnu USB-C tuntun kì í tú iná jáde bí kò bá rí àmì pé nǹkan kan wà ní ìdí kejì. Ẹ gé okùn ṣájà, ẹ wá wáyà pupa àti dúdú nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi mítà yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó gbà pé pupa ni pọ́sítíìfù, torí kì í ṣe gbogbo okùn olówó pọ́ọ́kú ló ń tẹ̀ lé àwọ̀.

Okùn náà fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì. Àwọn kan wà tí irin inú wọn tín-ínrín gan-an: irú wáyà bẹ́ẹ̀ tó gùn ní mítà kan lè ní ohun tó lé díẹ̀ ní óòmù 0.2, iná sì ń gba inú rẹ̀ lọ, ó tún ń gba inú èkejì bọ̀. Ó di nǹkan bíi óòmù 0.4. Bí sẹ́fò bá fa ámípù 2, 2 × 0.4 = 0.8. Fólítì 5 tó kúrò nídìí ṣájà ti di 4.2 kó tó dé ọ̀dọ̀ MG996R, tó sì jẹ́ pé 4.8 ló kéré jù tí wọ́n ní kí a fún un. Ẹ gé okùn náà kúrú, tàbí kí ẹ lo wáyà tó nípọn.

Níbi tí kò sí iná mànàmáná lóko, bátìrì 18650 méjì tí wọ́n to tẹ̀ lé ara wọn dára. Bí wọ́n bá kún, fólítì 8.4 ni wọ́n, ó sì ga ju 7.2 tí MG996R lè fara dà lọ. Nítorí náà ẹ fi bọ́ọ̀dù LM2596 sí àárín kó sọ ọ́ di 5. Ẹ yí síkúrù kékeré orí rẹ̀, kí ẹ sì fi mítà ka ohun tó ń jáde títí yóò fi pé 5, kí ẹ tó so sẹ́fò mọ́ ọn. Wọ́n máa ń dé láti ọjà pẹ̀lú iye tó ga, ẹni tó bá kọ́kọ́ so sẹ́fò lè jó o.

Páwà báǹkì ń gbé iná tó pọ̀ tó, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pa ara wọn bí ohun tí wọ́n ń fún ní iná bá ń jẹ díẹ̀ jù. Àpótí tó ń ṣí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lè bá páwà báǹkì tó ti sùn pàdé. Bátìrì fólítì 9 onígun mẹ́rin ní tirẹ̀ kò wúlò rárá fún sẹ́fò. Ìdènà inú rẹ̀ pọ̀, fólítì rẹ̀ á sì já ní kété tí mọ́tọ̀ bá fà á.

Báwo ni kí n ṣe so gbogbo rẹ̀ pọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo iná. Ẹ mú pọ́sítíìfù ṣájà, ẹ so ó tààrà mọ́ wáyà pupa sẹ́fò. Ẹ mú nẹ́gátíìfù ṣájà, ẹ so ó tààrà mọ́ wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ sẹ́fò. Títí dé ibí yìí, Uno kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ẹ wá mú wáyà jọ́ḿpà kan láti ẹsẹ̀ 9 lára Uno lọ bá wáyà àwọ̀ ọsàn. Ẹ mú òmíràn láti GND lára Uno lọ bá nẹ́gátíìfù ṣájà, níbi tó ti jáde gan-an. Ó parí. Uno ń gba iná tirẹ̀ láti ara kọ̀ǹpútà tàbí ádáptà rẹ̀. Kò sí wáyà kankan láàárín 5V Uno àti pọ́sítíìfù ṣájà. Bí ẹ bá so àwọn méjèèjì pọ̀, orísun iná méjì á máa ti ara wọn, iná ṣájà sì lè gba ẹnu USB padà sínú kọ̀ǹpútà yín.

Ẹ má gba bírẹ́dì bọ́ọ̀dù kọjá pẹ̀lú iná MG996R. Àwọn irin inú ihò rẹ̀ kò dúró fún ámípù 2. Wọ́n á gbóná, wọ́n á sì jẹ fólítì. Ẹ lo ìdè onísíkúrù tàbí kí ẹ fi ayọ́nù àti lẹ́ẹ̀dì jó àwọn wáyà pọ̀. Wáyà àṣẹ nìkan ló lè gba orí bírẹ́dì bọ́ọ̀dù láìséwu.

Níwọ̀n ìgbà tí sẹ́fò ti ní iná tirẹ̀, ṣé dandan ni kí GND pàdé?

Dandan ni. Uno ń sọ fún sẹ́fò pé «fólítì mi ga báyìí, ó ti lọ sílẹ̀ báyìí». Gíga láti ibo? Láti GND tirẹ̀. Bí sẹ́fò kò bá ní ilẹ̀ kan náà tó lè fi wọn gíga yẹn, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Bí wáyà yìí bá ṣófo, sẹ́fò á máa gbọ̀n, á máa yí síbi tí ẹ kò rán an, tàbí kó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bọ́ọ̀dù kò ní kú. Ìyẹn gan-an ni a fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀: bí bọ́ọ̀dù bá ń kú, ẹ yẹ iná wò, bí bọ́ọ̀dù bá wà láàyè tí sẹ́fò ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ yẹ GND wò.

Ibi tí wọ́n ti pàdé tún ní ìtumọ̀. Bí nẹ́gátíìfù sẹ́fò bá kọ́kọ́ lọ sí Uno kó tó padà sí ṣájà, gbogbo iná tí mọ́tọ̀ lò á gba inú wáyà jọ́ḿpà tín-ínrín kọjá, á sì ti GND Uno sókè díẹ̀ nígbàkúùgbà tí mọ́tọ̀ bá fà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ti sẹ́fò lọ tààrà sí ṣájà, kí ti Uno wá bá a níbẹ̀.

Wọ́n ní kí n kàn fi kapásítọ̀ sí i. Ṣé ìyẹn kò tó?

Ó ń ran iná tó dára lọ́wọ́, kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohun tí fólítì kapásítọ̀ fi ń wálẹ̀ nìyí:

```
dV = I * t / C
```

Bí sẹ́fò bá fa ámípù 1 fún mílísẹ́kọ́ńdì 1 péré lára kapásítọ̀ máíkírófárádì 1000, tí ṣájà kò sì dá sí i, ó di 1 × 0.001 ÷ 0.001, ìyẹn fólítì 1. Mílísẹ́kọ́ńdì kan péré lẹ ti pàdánù fólítì kan yẹn. Sẹ́fò tó ń gbé ilẹ̀kùn ń fa iná fún ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àkókò yẹn. Nítorí náà kapásítọ̀ ń bo àlàfo kékeré tó wà láàárín ìgbà tí mọ́tọ̀ béèrè àti ìgbà tí ṣájà dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí kẹ́ẹ̀gì omi tí a gbé sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná: ó wúlò kí wọ́n tó pọn omi dé, kì í ṣe kànga.

Síbẹ̀ ẹ fi í sí i. Ẹ mú ti máíkírófárádì 470 sí 1000, tí wọ́n kọ fólítì 10 tàbí 16 sí lára, kí ẹ so ó sáàárín wáyà pupa àti nẹ́gátíìfù, nítòsí sẹ́fò gan-an. Ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ló ń fi ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù hàn. Bí ẹ bá yí i padà, á wú, ó sì lè bẹ́.

Ǹjẹ́ kóòdù lè dín ohun tí sẹ́fò ń fa kù?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá sọ fún sẹ́fò pé kó fò láti dígírì 20 sí 110 lẹ́ẹ̀kan náà, yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré. Bí ẹ bá mú un rìn ní ìdákọ̀ọ̀kan, ó ń fa díẹ̀díẹ̀.

```
#include <Servo.h>
Servo ilekun;

void setup() {
  Serial.begin(9600);
  Serial.println("BERE");
  ilekun.write(20);
  ilekun.attach(9);
}

void rin(int lati, int de) {
  int e = (de > lati) ? 1 : -1;
  for (int d = lati; d != de; d += e) {
    ilekun.write(d);
    delay(15);
  }
  ilekun.write(de);
}

void loop() {
  rin(20, 110);
  delay(3000);
  rin(110, 20);
  delay(3000);
}
```

Ìgbésẹ̀ 90 ní mílísẹ́kọ́ńdì 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1.35 kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán. Adìẹ kò ní bínú sí ìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé `write(20)` ṣáájú `attach(9)`. Bí kò bá sí níbẹ̀, sẹ́fò á kọ́kọ́ fò lọ sí àárín nígbà tí bọ́ọ̀dù bá jí, ìfò yẹn sì lè tún pa bọ́ọ̀dù, kó wá di àyípoyípo tí kò lópin. Bí sẹ́fò bá ju ọ̀kan lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láàárín wọn ti tó.

Lórí Uno, bí ẹ bá ti ń lo `Servo.h`, `analogWrite()` kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí ẹsẹ̀ 9 àti 10. Bí iná kékeré yín lórí ẹsẹ̀ 10 kò bá rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ, kì í ṣe wáyà ló bàjẹ́.

Mi ò fẹ́ gbé orísun iná méjì lọ sóko. Ṣé ọ̀kan lè bọ́ àwọn méjèèjì?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá lágbára tó, tí ọ̀nà wọn sì pín láti ìdí orísun. Láti ẹnu LM2596 tí ẹ ti tò sí 5, ẹ fa wáyà méjì tó nípọn lọ sọ́dọ̀ sẹ́fò, kí ẹ sì fa méjì mìíràn tí wọ́n dá dúró lọ sí 5V àti GND Uno. Báyìí, fólítì tó bá sọnù sínú wáyà sẹ́fò kò kan Uno. Ṣùgbọ́n ọ̀nà 5V yẹn kò gba ara rẹgulétọ̀ kọjá, kò sì sí ohun tó ń dáàbò bo bọ́ọ̀dù: ohun tó bá ju 5.5 lọ lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ yọ wáyà 5V náà kúrò lára Uno kí ẹ tó ki okùn USB bọ̀ ọ́ láti fi kóòdù tuntun sí i.

ESP32 ni mo ń lò. Kí ló yàtọ̀?

Ó máa ń kéde fúnra rẹ̀. Bí fólítì bá já, ẹ ó rí `Brownout detector was triggered` lójú Serial Monitor, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iná ni. Ó yá a lára láti kú ju Uno lọ, torí Wáífáì rẹ̀ pẹ̀lú ń fa iná lójijì. Fólítì 3.3 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fún wáyà àṣẹ, ọ̀pọ̀ sẹ́fò bíi SG90 sì ń gbọ́ ọ. Ẹ lo `ESP32Servo.h` dípò `Servo.h`. Ìsopọ̀ iná kò yí padà rárá.

Bọ́ọ̀dù kò kú mọ́, ṣùgbọ́n sẹ́fò ń kùn, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ṣé ó kù síbì kan?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ti kan ògiri àpótí kó tó dé ibi tí ẹ rán sẹ́fò. Ó ṣì ń tì í, ohun kan sì ń dá a dúró, ó wá ń fa iná tó pọ̀ jù lọ láìsinmi. Bí ó bá pẹ́, mọ́tọ̀ inú rẹ̀ á jó. Ẹ yọ apá kúrò lára sẹ́fò, ẹ fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn wò bóyá ó há. Lẹ́yìn náà ẹ dín 110 kù sí 105, kí ẹ tún dín in kù, títí kíkùn náà yóò fi dákẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí tán. Ẹ ṣe bákan náà ní apá 20, ẹ máa fi kún un níbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá lè dúró fúnra rẹ̀ láìsí pé sẹ́fò dì í mú, ẹ pe `ilekun.detach()` lẹ́yìn tó bá ti dé ibi tó ń lọ. SG90 àti MG996R kì í di ipò wọn mú mọ́ bí ìró iná kò bá wá mọ́, wọn kì í sì í jẹ iná tó pọ̀ títí ẹ ó fi tún pè wọ́n.